Ìgbà Tí Oko Dùnmínínú Kọ̀ Tí Ò Ṣí

"Ọwọ́ ẹ dà? Gbé e kúrò níbẹ̀! Ta ló ní kó o pa nǹkan rẹ́? Uṣẹ́ ta ni?"

Bí Àǹtí Monínúọlá ṣe jágbe mọ́ mi nìyẹn. Ẹ fi ohùn tó há sí i, ohùn ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọdé lórin ní ṣọ́ọ̀ṣì, kẹ́ ẹ sì fa "uṣẹ́" yẹn bí ẹni ń fa rọ́bà. Tí mo bá ń sín in jẹ, àwọn ará Òkè-Ìlá á bojú wẹ̀yìn bóyá òun ló ń bọ̀.

Mo ní, "Àǹtí, eré tí ò ṣí, ká yọ ọ́ dànù, ká tún gbà á sórí fóònù. Ó parí!"

"Ó parí fún ta? Dùnmínínú, ṣé o so eré yìí mọ́ ímeèlì kankan?"

"Rárá, mà. Ibi tí wọ́n kọ àlejò sí la tẹ̀."

"Ṣé o gbọ́, ọ̀jọ̀gbọ́n? Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, oko lọ nìyẹn. Ta ló máa lọ gbé e wá?"

Mo fa ọwọ́ mi sẹ́yìn.

Ọmọ àbúrò bàbá mi ni Dùnmínínú. Ó ti Ìgèdè wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa. Fóònù ìyá ẹ̀ àtijọ́ ló ń lò, eré oko kan ló sì wà níbẹ̀: wọ́n ń gbin àgbàdo, wọ́n ń sin adìẹ, wọ́n ń kọ́lé. Òun àti Bùsáyọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni wọ́n jọ dá oko náà, kí Bùsáyọ̀ tó di agùnbánirọ̀ lọ sí Òkè Ọya. Bùsáyọ̀ ló yan ọ̀dà ilé, ló to àga síwájú ẹ̀. Láti àárọ̀ ni eré náà kàn ń yí róbótó tí ò ṣí. Omi ti lé sójú ọmọ ọlọ́mọ.

Ṣọ́ọ̀bù Àǹtí tó wà níwájú ilé wa ò ju yàrá adìẹ lọ. Ó ń ta káàdì, ó ń bá èèyàn tún fóònù ṣe, àmọ́ tó bá jẹ́ ohun tí ìwọ náà lè ṣe, kò ní fọwọ́ kàn án. Á jókòó lé ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì bí ẹni òtútù ń mú. Á ní, "Tí n bá bá ẹ ṣe é, ọ̀la o tún dé." Díákónì wa gan-an, ó jẹ́ kó fọwọ́ ara ẹ̀ wá nǹkan tẹ̀ títí ó fi làágùn.

"Kọ́kọ́ pa eré náà tán pátápátá. Kì í ṣe kó o kàn jáde. Gbá a dànù láàárín àwọn tó ṣí sílẹ̀. Tún un ṣí. Kí lo rí?"

"Ó ṣì ń yí, mà."

"Pa fóònù, kó o tan án."

Ó tan án. Bákan náà. Àǹtí ní kó wo àyè tó kù nínú fóònù, àyè pọ̀. Ó ní kó wọ inú sẹ́tìn, kó nu kásì eré náà, ìyẹn pàǹtírí tí eré ti kó jọ.

"Kásì o! Tó o bá rí ibi tí wọ́n kọ dátà sí, sá fún un bí ejò. Ibẹ̀ ni oko ẹ wà."

Ọmọ náà rọra tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń tẹ ẹyin. Eré ò ṣí.

"Ó dáa. Lọ sí Play Store, bóyá tuntun ẹ̀ ti jáde."

Play Store gan-an ò ṣí.

Àǹtí na ọrùn wo fóònù náà. "Dátà tó o fi ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì ńkọ́?"

"Ó wà, mà."

Àǹtí ní kí n ṣí fóònù tòun wò: nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà, gbogbo nǹkan ń ṣí. "A jẹ́ pé kì í ṣe eré nìkan ló ń ṣàìsàn. Ka ọjọ́ tó wà lójú fóònù ẹ fún mi."

Dùnmínínú wolẹ̀. Ó kà á wúyẹ́wúyẹ́. Ọdún tó ń bọ̀ ni! Oṣù gan-an ti fò kọjá.

"Ta ló gbé wa débẹ̀?"

"Àgbàdo ò tètè gbó, mà. Mo ní tí mo bá ti ọjọ́ síwájú…"

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ àgbẹ̀ Ìgèdè! Ṣé báyìí ni bàbá ẹ ṣe ń ti iṣu síwájú?"

"Tóbilọ́ba, gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún." Àmọ́ Àǹtí náà ń gbọ̀n lórí àga, ẹ̀rín ti gbà á. "Ìyá mi, tí ọjọ́ bá ti yàtọ̀, ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́hùn-ún ò ní gbà fún fóònù ẹ. Jẹ́ kó máa mú ọjọ́ fúnra ẹ̀."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ padà sí tòní. Ó ṣí eré. Ó yí, ó yí… àkùkọ kọ!

Ilé wà níbẹ̀. Àga Bùsáyọ̀ wà níwájú ẹ̀. Àgbàdo nìkan ló ṣì kéré, ó tutù minimini. Dùnmínínú so mọ́ Àǹtí lọ́rùn. Ìgbà yẹn ni Àǹtí tó yọ ọwọ́ lábẹ́ ìdí, ó fi gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́.

"Ó tó. Ó ku kí o so ó mọ́ ímeèlì, kó má baà sọ nù lọ́jọ́ kan. Wá ibẹ̀ fúnra ẹ."

Mo ní kí n fi hàn án, mo na ọwọ́.

"Ọwọ́ ẹ dà?"

Kí n tó sín ìyẹn náà jẹ, ìyá mi ké láti ẹ̀yìnkùlé: "Tóbilọ́ba! Ṣé ìrẹsì yìí ló máa sọ ara ẹ̀ kalẹ̀ ni?"

Ẹ jọ̀ọ́, mò ń bọ̀.