Omi Iṣu Tí N Kò Dà Nù

Orogún mi ni wọ́n fún ní ìwé oúnjẹ ọkọ wa ní ọsibítù, nítorí òun ló lọ ilé ẹ̀kọ́, kéú nìkan ni èmi kà. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti dáná fún ọkọ wa kó tó fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n dayẹtíṣàn, obìnrin tó ń ṣètò oúnjẹ àwọn aláìsàn ní ọsibítù, kò tilẹ̀ yíjú sí mi. Ìyàwó ló ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń se iṣu. Iṣu! Èmi tí mo ti ń ra iṣu ní ọjà Ìpàtá kí wọ́n tó bí i.

Dayẹtíṣàn ní kíndìnrín ọkọ wa kò lè lé èròjà pọtásíọ̀mù inú oúnjẹ jáde dáadáa mọ́, bó bá sì pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn lè dáwọ́ dúró lójijì. Kí á gé iṣu wẹ́wẹ́, kí á bọ̀ ọ́ nínú omi púpọ̀, kí á da omi náà nù, torí inú rẹ̀ ni pọtásíọ̀mù ń yọ́ sí, kí á fi omi mìíràn sè é jinná. Díẹ̀ ni kó máa jẹ. Kó yé mu ọsàn, kó yé jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí tòmátì ọbẹ̀ rẹ̀ má pọ̀.

Ìyàwó lẹ ìwé náà mọ́ ògiri ilé ìdáná. Tó bá ti gbé oúnjẹ sílẹ̀, ọkọ wa á máa ṣàdúrà fún un. Wallahi, owú jẹ mí débi pé ara mi ń gbóná. Bẹ́ẹ̀ oúnjẹ náà kò dùn rárá!

Nígbà tó kàn mí láti dáná, mo se àsáró bí mo ṣe máa ń sè é, omi iṣu nínú rẹ̀, tòmátì rẹpẹtẹ. Wọ́n ní ọbẹ̀ tí baálé kì í jẹ, ìyáálé kì í sè é. Èyí tí baálé mi fẹ́ràn ni mo sè. Ó jẹ ẹ́ tán, ó rẹ́rìn-ín sí mi. Gbogbo ìgbà tó bá ti kàn mí ni mo ń sè é lẹ́yìn náà.

Lọ́sẹ̀ kẹta, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. A gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, pọtásíọ̀mù ti ga ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n dá a dúró, wọ́n so ẹ̀rọ tó ń wo ọkàn mọ́ ọn láyà.

Dayẹtíṣàn bi wá pé, "Ta ló ń dáná fún bàbá?"



Ìyàwó ní, "Èmi ni, mà. Mo gbàgbé, n kò da omi iṣu nù." Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Ó ti rí ìkòkò mi lórí iná.

Wọ́n fi ọ̀rọ̀ gún un lára, ó tẹrí ba. N kò lè mú un mọ́ra. Mo ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Èmi ni mo sè é, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni."

Alhamdulillahi, pọtásíọ̀mù náà lọ sílẹ̀, ọkọ wa padà wálé. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń jowú obìnrin yẹn. Ká ní èmi ni mo bá a nídìí irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo agboolé ì bá ti gbọ́ kí àsáró náà tó jinná.