Ọjọ́ Méjì tí Oumarou Fi Yára

Ẹ má tètè dá Oumarou lẹ́bi. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ oníkajú ní Manigri, kò sì sẹ́ni tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ó jẹ fáráǹ kan nínú owó ẹgbẹ́ rí. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ débi pé, bó bá ti ṣírò nǹkan, kò sẹ́ni tó ń tún un kà. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́.

Lọ́jọ́ kejì oṣù kẹrin, ẹgbẹ́ ta tọ́ọ̀nù kajú mẹ́fà fún Nassirou, oníṣòwò kan ní Bassila. Mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin fáráǹ ni. Ìwé owó tí Oumarou kọ fún un sọ pé kí ó san án láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Bó bá pẹ́, yóò máa fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún lé e lójúmọ́. Bí ọjọ́ ìpẹ́ bá pé mẹ́wàá, ní ọjọ́ kejì rẹ̀ ẹgbẹ́ lè lọ kó èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú ilé ìkẹ́rù rẹ̀. Kó tó dìgbà náà, Nassirou lè tà á fún ẹni tó wù ú. Àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i.

Nínú owó yẹn ni ti Assana wà. Opó ni. Egungun ẹsẹ̀ Rabiatou, ọmọ rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ti ń jẹrà, dókítà sì ti ní kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ńlá fún iṣẹ́ abẹ kí oṣù karùn-ún tó dé ìdajì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò gé ẹsẹ̀ náà. Ọ̀dọ̀ ta ni ìyá náà ti máa yá owó? Gbogbo Manigri ló ti gbé kajú rẹ̀ fún Nassirou láwìn!

Nassirou kò san fáráǹ kan. Oumarou bá ń ka ọjọ́ bí wọ́n ti ń ka ọjọ́ ọjà: èyí tí wọ́n bá wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ọ̀kan. Ó ka ọjọ́ kejì oṣù kẹrin gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ kìíní, ọgbọ̀n sì pé lójú rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún. Ó tún ka ọjọ́ yẹn náà mọ́ ọjọ́ ìpẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni mẹ́wàá ṣe pé fún un ní ọjọ́ kẹwàá. Láàárọ̀ ọjọ́ kọkànlá, ó gba kámíọ̀ kan, ọkọ̀ akẹ́rù, ó di Bassila.

Kabirou, ẹni tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rù náà, yọ ìwé owó náà sórí tábìlì.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Ọjọ́ tí ẹ kọ ìwé kò sí nínú ọgbọ̀n náà. Ọ̀la rẹ̀ la ti ń kà. Ọjọ́ kejì oṣù yìí ni owó pé, ọjọ́ kẹta sì ni ọjọ́ ìpẹ́ àkọ́kọ́. Òní ló jẹ́ ọjọ́ ìpẹ́ kẹsàn-án. Ọ̀la ni mẹ́wàá pé, ọ̀túnla ni ẹ lè kó ẹrù."

"Kabirou, ọmọ kan ń jìyà!"

"Mo gbọ́, Bàbá. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣílẹ̀kùn lónìí, èmi ni wọ́n á pè lólè."

Oumarou wo òkìtì àpò láti ẹnu ọ̀nà. Gbogbo rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, kò dín àpò kan. Ó padà pẹ̀lú kámíọ̀ òfìfo, inú rẹ̀ bàjẹ́ gan-an. Àmọ́ èyí tó burú jù ni pé Nassirou ti gbọ́ pé ó wá. Lọ́jọ́ kejìlá, kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti ta gbogbo kajú náà fún oníṣòwò ìlú òkèèrè. Kò sì jẹ̀bi lórí ìwé, ó ṣì ní àṣẹ láti tà á. Nígbà tí Oumarou tún dé ní ọjọ́ kẹtàlá, ilẹ̀ gbígbá ló bá. Nassirou ti pa tẹlifóònù, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ká ní kò wá lọ́jọ́ kọkànlá ni, kò sí ohun tí ì bá lé Nassirou léré.

Ní ogúnjọ́ oṣù karùn-ún, ìpẹ́ ti di ọjọ́ méjìdínlógún, owó ìpẹ́ ti di ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún. Ìṣirò náà tọ̀nà báyìí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa san án. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n gé ẹsẹ̀ Rabiatou.

Oumarou jókòó ti ibùsùn, ojú ń tì í. Assana kò bá a jà, kò tilẹ̀ wò ó. Ọmọ náà ló lajú.

"Bàbá, wọ́n ní ẹ ṣi ọjọ́ kà."

"Òótọ́ ni, ọmọ mi."

"Ọjọ́ mélòó?"

"Méjì," ni Oumarou wí.