Ìdajì Máàkì Lórí "Nítorí Pé"

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí Ìyá Kómà ti ń máàkì ìwé ìdánwò èdè. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí kò sí kómà tó lè sá pamọ́ fún ojú rẹ̀. Lọ́dún yìí, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá tí ń yẹ iṣẹ́ wọn wò. Inú rẹ̀ dùn sí i, àfi ìgbà tí ìwé kan padà wá bá a, tí yíǹkì pupa bò ó.

Àròkọ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ ọ́ pé: "Nítorí pé òjò ń rọ̀, a kò tètè dé ilé ìwòsàn." Ọ̀gá fa igi sí i. Nísàlẹ̀: "N kò sunkún. Nítorí pé màmá mi ń wò mí." Ó fa igi sí ìyẹn náà, ó yọ ìdajì máàkì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ní kí Ìyá Kómà tún gbogbo àpò ìwé rẹ̀ máàkì, ìwé méjìdínlọ́gọ́rin.

Ìyá Kómà gbé ìwé náà lọ bá ọ̀gá níwájú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń máàkì.

"Ọ̀gá, kí ló ṣe gbólóhùn àkọ́kọ́ yìí?"

"'Nítorí pé' ló fi bẹ̀rẹ̀, mà."

"'A kò tètè dé ilé ìwòsàn' ńkọ́? Olórí awẹ́ gbólóhùn nìyẹn. Ó pé."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi 'nítorí pé' bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn. Ọjọ́ tí mo ṣe é, ẹ fi mí sórí ìdúró títí aago fi lù."

Ìyá Kómà rántí ọjọ́ náà. Òótọ́ ni. Nígbà náà, òfin kúkúrú rọ̀ ọ́ lọ́rùn ju àlàyé gígùn lọ.

"Irọ́ ni mo pa fún yín," ó ní. "Ẹ yọ igi yẹn."

Ọ̀gá ṣí ìwé ìtọ́sọ́nà ìmáàkì. "Gbólóhùn tí kò pé" ló ní kí wọ́n yọ máàkì lórí rẹ̀, kò sọ̀rọ̀ nípa ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó dá máàkì padà, ó buwọ́ lù ú. "Ṣùgbọ́n ìkejì ò pé."

"Ọmọ náà mọ̀ọ́mọ̀ dá a dúró ni. Ẹ kà á sókè, ẹ ó gbọ́ ọ. Ṣebí a ń gba irú rẹ̀ nínú àkàyé?"

"Nínú àkàyé, ìbéèrè ti gbé apá tó kù dání, mà. Ta ló máa gbé e nínú àròkọ? A ò sì lè máàkì ọkàn ọmọ."

Ìyá Kómà mọ̀ pé òótọ́ ni, ìyẹn gan-an ló ń dùn ún. "Ó dáa. Ẹ yọ ìdajì. Ṣùgbọ́n ẹ má tún torí rẹ̀ fìyà jẹ ẹ́ níbi máàkì ìlò èdè."

"Mi ò fọwọ́ kan ibẹ̀."

Ọ̀gá wá dìde, ó kéde pé kí gbogbo wọn padà lọ wo gbólóhùn pípé tí wọ́n fi "nítorí pé" bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ti yọ máàkì lórí rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé. Àwọn olùmáàkì kùn yùnmù. Ẹnì kan pòṣé, ó ní ọmọdé ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá.

"Ẹ má bá a wí," Ìyá Kómà sọ láti àyè rẹ̀. "Lọ́wọ́ mi ló ti kọ́ ọ."

Ó tú okùn àpò ìwé rẹ̀, ó fa ìwé àkọ́kọ́ yọ láti tún un máàkì.