Lẹ́tà Ẹ̀bẹ̀ tí Ìyá Ìbejì Gé Kúrú

Lọ́dún kejì tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ fótò ní Bàǹtẹ̀, àwòrán kọmúníọ̀nù ọmọ kan bàjẹ́, wọ́n sì ní èmi ni mo bà á jẹ́. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méjì.

Agbẹ̀bí ni ìyá ọmọ náà ní Sàfálú. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní Bàǹtẹ̀ rí, ọ̀gá mi ló sì ń ya gbogbo àwòrán wọn láti ìgbà náà. Ará Ṣábẹ̀ẹ́ ni wọ́n, tọkọtaya. Nígbà tí ọmọ wọn fẹ́ gba kọmúníọ̀nù àkọ́kọ́, wọ́n fi àwọn onífótò Sàfálú sílẹ̀, wọ́n ránṣẹ́ pe ọ̀gá mi. A lọ lọ́jọ́ Àìkú, èmi ni mo gbé àpò. Ọ̀gá ya ọmọ náà nínú aṣọ funfun, wọ́n yà á tòun ti àbẹ́là, wọ́n yà á lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n yà á pẹ̀lú àwọn ẹbí tó wá láti Ṣábẹ̀ẹ́. Fíìmù kan odindi ni wọ́n lò tán. Ohun tí a rò nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ajé, Ọ̀gá wọ yàrá òkùnkùn lọ láti fọ fíìmù náà. Òfin kan ṣoṣo ló wà ní ṣọ́ọ̀bù wa: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí ilẹ̀kùn yẹn. Ọkùnrin kan láti Lúgbà wá ya fótò káàdì, ó ní alùpùpù tó gbé òun wá ń dúró de òun, ó ń pariwo. N kò mọ bí èèyàn ṣe ń dá ẹni tó ń pariwo lóhùn. Mo ṣí ilẹ̀kùn láti béèrè bóyá kí ó jókòó.

Ọ̀gá kígbe lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó yá, wọ́n jáde, ọwọ́ wọn tutù, wọ́n ní fíìmù ti lọ.

Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ ọ́ fún ni awakọ̀ takisí tó ń ná Sàfálú, tó wá gba fótò tirẹ̀. Wọ́n fi àgbọ̀n tọ́ka sí mi. “Ọmọ yìí ló ṣí ilẹ̀kùn.” Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni awakọ̀ yẹn ń lọ sí Sàfálú, kì í sì í dákẹ́ lójú ọ̀nà.

Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé Sàfálú ni mo fẹ́ gbé iṣẹ́ mi lọ bí mo bá gba òmìnira. Àbúrò ìyá mi ní yàrá kan níbẹ̀ tó dojú kọ títì, wọ́n sì ti ṣèlérí rẹ̀ fún mi. Ta ni yóò gbé ọjọ́ ayọ̀ rẹ̀ fún onífótò tó ń ṣí ilẹ̀kùn?

Lọ́jọ́rú, bí mo ṣe ń gbálẹ̀, mo rí fíìmù náà nínú agolo ìdọ̀tí lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo gbé e sókè sí ojú fèrèsé. Ó mọ́ gaara bí omi òjò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọ̀gá fúnra wọn ló kọ́ mi, lóṣù àkọ́kọ́ tí mo dé: bí fíìmù bá dúdú, ìmọ́lẹ̀ ló jẹ ẹ́, bí ó bá mọ́ gaara, kò rí nǹkan kan rí. Bí ó bá jẹ́ pé ilẹ̀kùn tí mo ṣí ló bà á jẹ́, dúdú ni ì bá dà. Èyí ti wà nínú ike ìfọfíìmù tó dé pa kí n tó ṣílẹ̀kùn; kò rí ìmọ́lẹ̀ tèmi, kò sì rí ti Sàfálú. Ọ̀gá ló ki fíìmù sínú ẹ̀rọ láìjẹ́ kí ẹnu rẹ̀ kọ́ dáadáa mọ́ irin tó ń fà á. Ẹ̀rọ ń dún, nọ́ńbà ń kà, fíìmù dúró sójú kan nínú agolo rẹ̀. Inú òkùnkùn ló wà ní gbogbo ìgbà tí ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ara tù mí, ẹ̀rù sì bà mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. N kò sọ nǹkan kan. Ní Gúkà tí wọ́n ti bí mi, wọ́n a rán mi ní iyọ̀ nílé kejì, màá padà wá lọ́wọ́ òfo, nítorí n kò lè kágò.

Lọ́jọ́bọ̀, awakọ̀ mú iṣẹ́ dé. Màmá agbẹ̀bí ní kí Ọ̀gá kọ lẹ́tà. Akọ̀wé ọ́fíìsì ni ọkọ wọn, ọ̀rọ̀ ẹnu kì í wọ̀ wọ́n létí. Wọ́n ní kí lẹ́tà náà ní orúkọ àti ọjọ́, kí Ọ̀gá sì fi fíìmù náà sí i, nítorí onífótò ni aládùúgbò wọn, yóò bá wọn wò ó.

Láti àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ni Ọ̀gá ti ń kọ ọ́ títí di àkókò ìrun. Nígbà tí wọ́n ti mọ́sáláṣí dé, wọ́n gbé ojú ewé mẹ́ta fún mi kí n dà á kọ. Kíláàsì karùn-ún ni mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìkọ̀wé mi mọ́. Tiwọn dà bí ibi tí adìẹ ti wá oúnjẹ.

Ìyàwó wọn, Ìyá Ìbejì, ń ṣa ẹ̀wà lábẹ́ àtíbàbà. Wọn kò mọ̀wé. Wọ́n ní, “Kà á sókè kí n gbọ́.”

Mo kà á. Ó kí màmá, ó kí ọkọ wọn, ó kí iṣẹ́, ó kí eruku ojú ọ̀nà. Ó ní láti ọjọ́ tí Ọ̀gá ti gba òmìnira ní Ṣakí, kò sí oníbàárà tó tíì fẹjọ́ wọn sùn. Ó ní fíìmù ayé òde òní kò dára bíi ti àtijọ́. Ó ní bí Ọ̀gá bá ṣẹ̀ wọ́n, kí wọ́n má bínú, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ni í ṣàṣìṣe. Ó ní aṣọ funfun náà ṣì wà, ọmọ náà lè tún un wọ̀, kò sì yẹ kí ọ̀rọ̀ náà di ńlá. Lẹ́yìn náà ni mo dé ojú ewé kejì. “Ọmọ iṣẹ́ mi, ọmọbìnrin ará Gúkà, ló ṣí ilẹ̀kùn nígbà tí mo ń fọ fíìmù.”

Mo ka ìyẹn náà sókè. Ohùn mi kéré, ṣùgbọ́n mo kà á.

“Ó tán?” Ìyá Ìbejì bi mí.

“Ó ku ojú ewé kan, Màmá.”

“Nínú gbogbo èyí, níbo ló ti bẹ̀ wọ́n?”

Mo wá a. Mo ní, “Wọ́n ní kí wọ́n má bínú.”

“Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bẹ̀, àṣẹ ni.”

Ọ̀gá ní, “Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ ìwé nìyí.”

“Mo gbọ́, Bàbá Ìbejì. Etí ni mo fi ń gbọ́ ọ, kì í ṣe ìwé.” Wọ́n ju òkúta kan nù láti inú ẹ̀wà.

Mo mú bírò. Ọwọ́ mi kò fẹ́ kọ orúkọ Gúkà. Mo wá béèrè ohun kan tí mo rò pé ó rọrùn jù láti béèrè. Mo ní, “Fíìmù náà ńkọ́, Ọ̀gá? Ṣé kí n fi sínú àpòòwé?”

Ìyá Ìbejì wo ojú Ọ̀gá, wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní kí n lọ mú fíìmù náà wá. Mo mú un wá. Wọ́n gbé e sókè sí oòrùn.

“Mo ń rí ewúrẹ́ tó wà lódìkejì,” ni Ìyá Ìbejì wí. “Ṣé bó ṣe ń rí nìyí bí èèyàn bá ṣílẹ̀kùn?”

“Dúdú ló máa ń dà,” ni Ọ̀gá wí, jẹ́jẹ́.

“Lẹ́tà yín ní dúdú, fíìmù yín ní funfun. Ẹ óò kó àwọn méjèèjì sínú àpòòwé kan, ẹ óò fi ránṣẹ́ sí onífótò.”

Ọ̀gá jókòó sórí àga tí àwọn oníbàárà ń jókòó sí láti ya fótò. Wọ́n ní, “Irin kò fà á. N kò yẹ̀ ẹ́ wò.”

“Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí kọ ohun tí ẹ sọ yẹn.”

“Ìyẹn nìkan?”

“Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́.”

Gbogbo ọ̀sán ni a fi gé e. Èmi á kà, Ìyá Ìbejì á ní “ẹ yọ ọ́”, Ọ̀gá á rojọ́, èmi á fi ìlà fa ọ̀rọ̀ náà. Ṣakí lọ. Fíìmù ayé òde òní lọ. Nígbà tí a dé “bí mo bá ṣẹ̀ yín”, Ìyá Ìbejì béèrè ta ló tún kù tó lè ṣẹ̀ wọ́n. “Bí” lọ. “Ṣùgbọ́n” mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ọ̀gá bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀kan, Ìyá Ìbejì kò gbà fún wọn. Ní ti aṣọ funfun, Ìyá Ìbejì ní aṣọ lè padà, àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́ ti wọkọ̀ lọ. Ọmọ Gúkà lọ pẹ̀lú ìlà kan ṣoṣo. Mo fà á bí mo ṣe fa àwọn yòókù, n kò tẹ bírò mọ́lẹ̀ jù.

Ohun tó kù nìyí:

“Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Àwòrán ọmọ yín kò jáde, ẹ̀bi mi ni. Èmi ni mo ki fíìmù tí irin kò fi fà á, n kò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Mo mọ̀ pé ọjọ́ náà kò ní padà wá. Mo bẹ̀ yín. Bí ẹ bá fẹ́, màá wá ya ọmọ náà lọ́jọ́ tí ẹ bá dá, lọ́fẹ̀ẹ́. Fíìmù náà nìyí.”

Ọ̀gá wò ó, wọ́n wo ìsàlẹ̀ ìwé tó ṣófo. “Ó dà bíi pé mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ.” Wọ́n fọwọ́ sí i.

Ojú ń tì wọ́n láti fi rán awakọ̀ náà, torí náà èmi ni wọ́n rán lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Màmá agbẹ̀bí wà níwájú ilé wọn, wọ́n ń sá aṣọ. Aládùúgbò wọn obìnrin méjì jókòó níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Wọ́n bi mí láti ibo, mo ní láti ṣọ́ọ̀bù fótò ní Bàǹtẹ̀.

“Ìwọ lo ṣí ilẹ̀kùn?”

“Mo ṣí i, Màmá.”

Wọ́n dúró kí n sọ “ṣùgbọ́n”. Ó wà lẹ́nu mi. Mo na lẹ́tà náà sí wọn.

Wọ́n kà á lórí ìdúró. Wọ́n tún un kà, wọ́n wá pe ọkọ wọn jáde. Ọkọ wọn kà á, wọ́n yí i sẹ́yìn bóyá nǹkan wà níbẹ̀, wọ́n fa fíìmù náà jáde, wọ́n na án sí oòrùn. Wọn kò pe onífótò kankan.

“Awakọ̀ ní ìwọ ni,” ni Màmá wí. “Gbogbo àdúgbò yìí ló gbọ́ ọ. O ṣí ilẹ̀kùn, kì í sì í ṣe ilẹ̀kùn ló bà á jẹ́. Kí ló dé tí o kò sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo bi ọ́?”

“Ó wà nínú lẹ́tà, Màmá.”

Wọ́n gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ ọkọ wọn, wọ́n yíjú sí àwọn obìnrin méjèèjì, wọ́n kà á sókè fún wọn láti “ẹ kú iṣẹ́” dé “fíìmù náà nìyí”. Kò pẹ́ rárá. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Kì í ṣe ọmọ yìí nígbà náà.” Èkejì ní òun ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi dùn sí i.

Màmá ní kí Ọ̀gá wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí èmi náà bá wọn wá. Ọkọ wọn mú fáìlì kan jáde, níbi tí ìwé ìbí àwọn ọmọ wọn wà, wọ́n fi lẹ́tà náà sí i.

“Ojú ewé kan péré,” ni wọ́n wí. “Ní ọ́fíìsì wa, ẹni tó bá jẹ̀bi máa ń kọ mẹ́rin.”

“Mẹ́ta ni tẹ́lẹ̀, Bàbá.”

“Ta ló gé e?”

“Ìyàwó Ọ̀gá wa ni. Wọn ò mọ̀wé.”

Wọ́n wò mí díẹ̀, wọ́n sì pa fáìlì náà dé.