Jálẹ̀ Ni Mo Ń Bèèrè

Inú mi máa ń tètè ru, ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́. Tí mo bá ń ná ọjà tí ọlọ́jà bá wò mí bí ẹni tí kò lówó lọ́wọ́, ẹnu mi kì í dúró. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ní ṣọ́ọ̀bù Alájà tó ń ta bébà fún àwa onítẹ̀wé ní Shomolu, mo kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, mo sì gbé ìbínú mi mì.

Ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ladi-Lak ló gbé iṣẹ́ ìwé orin fún mi. Mo ti bá wọn dá iye lé e, wọ́n ti gbà, kí bébà tó gbówó lórí. Ọkọ mi ló ń tẹ̀wé fún wọn kó tó kú. Tí mo bá ra bébà níye tuntun, òfo ni mo máa jẹ. Tí mo bá sì dá iṣẹ́ padà, wọn ò ní wá mọ́ láé.

"Alájà, èló ni jálẹ̀?"

Wọ́n gbójú sókè. A kì í fi jálẹ̀, iye ìkẹyìn tí ọlọ́jà lè gbà, ṣeré láàárín wa. Ẹni tó bá bèèrè rẹ̀ ti sọ pé òun máa rà á.

"Ṣé jálẹ̀ lò ń bèèrè, àbí o kàn ń ná an kiri?"

"Jálẹ̀ ni, mà. Gbogbo rẹ̀ ni mo máa kó lẹ́ẹ̀kan, owó wà lọ́wọ́ mi, kẹ̀kẹ́ tó máa gbé e ti wà níta."

Wọ́n yọ díẹ̀ kúrò lórí owó rẹ̀. Kò tó. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n tún yọ ẹgbẹ̀rún kan lórí rímù kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fa bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan yọ, wọ́n ní owó tèyí wálẹ̀. Mo gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, mo rí ìka ara mi lódì kejì.

"Ẹ ṣé, mà. Ṣùgbọ́n orin ẹ̀yìn máa hàn síwájú. Èyí tí mo bèèrè yẹn náà ni mo fẹ́. Tí kò bá gbà, kò síjà, màá lọ dá iṣẹ́ wọn padà lónìí."

Mo bá jókòó sórí páálí bébà kan. Alájà dá bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà padà sáyè rẹ̀. Wọ́n wò mí títí.

"Kó o. Ṣùgbọ́n má sọ iye tí mo tà á fún ẹ fún ẹnikẹ́ni o."

Mo dúpẹ́ dúpẹ́, ọkàn mi wálẹ̀. Nígbà tí a ń kó o sínú kẹ̀kẹ́, wọ́n ní, "Àwọn tó ń tàn mí, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa ń forí lé kí n lè pè wọ́n padà. Ìwọ jókòó. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé jálẹ̀ ni lóòótọ́."

Mo kàn rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ mi ló ń gbọ̀n nígbà tí mo jókòó yẹn. Ká ní ó lè gbé mi dé ẹnu ọ̀nà ni, èmi náà ì bá ti lọ.