Àmín sí Àwòrán Àpò Ọ̀rá

Títíloyè kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju ti ọjà lọ, ṣùgbọ́n ó mọ àwòrán ọwọ́ àdúrà. Láti ìgbà tí Motọ́lání, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń kàwé ní Ekiadolor nítòsí ìlú Bìní, ti ra fóònù ńlá fún un, kò sí àárọ̀ tí kì í wo ohun tí àwọn obìnrin ìjọ wọn bá fi sórí Wáásáàpù. Bó bá ti rí àtẹ́lẹwọ́ méjì tó pa pọ̀, àdúrà ni. Á tẹ "Àmín" sí i, á fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, lẹ́yìn náà ni yóò tó ṣí ìsọ̀ ańkárá rẹ̀ ní Ọjà Ọba. Bí ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ṣe ń ṣe nìyẹn. Kò sí ẹni tó ń bi ara rẹ̀ pé kí ni òun ṣe àmín sí.

Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni. Ó ti lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ní ìlú Bìní, ibẹ̀ ló bímọ sí, ibẹ̀ náà ló sin ọkọ rẹ̀ sí. Ilẹ̀ kan ṣoṣo ni ọkọ náà fi sílẹ̀. Nígbà tí Olúwapẹ̀lúmi, àkọ́bí wọn, ní òun fẹ́ lọ sí Yúróòpù, Títíloyè ta ilẹ̀ náà. Aṣálẹ̀ ni ọmọ náà gbà lọ. Líbíà ló dé, kò rí òkun kọjá. Oṣù méje ló lò nínú àtìmọ́lé kí wọ́n tó kó òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà wálé. Ọjọ́ tó wọlé, àpò ọ̀rá dúdú kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣòkòtò kan ló sì wà nínú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò béèrè ohunkóhun. Ó gbé omi gbígbóná kalẹ̀ fún un, ó ní, "Pẹ̀lú, lọ wẹ̀."

Láti ìgbà náà, Pẹ̀lúmi ń bá Adékọ́lá, ọkùnrin kan tó ń mọ búlọ́ọ̀kù, ṣiṣẹ́. Ó ń lọ láàárọ̀, ó ń bọ̀ nírọ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ohun kan ṣoṣo ni Títíloyè ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run: kí ọmọ yìí jókòó, kí ó má padà sínú yanrìn yẹn.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Ọláfúnkẹ́, akọ̀wé ẹgbẹ́ obìnrin, fi àwòrán kan ránṣẹ́. Ọkọ̀ òfuurufú wà lókè, ọkùnrin tó gbé báàgì ńlá sì ń lọ. Nísàlẹ̀, ọkùnrin náà ló ń bọ̀, nǹkan kékeré kan ló sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, ọwọ́ àdúrà sì wà ní ìparí rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ náà Títíloyè dá "God" mọ̀. Inú rẹ̀ dùn. Àdúrà àlọ àti àbọ̀ nìyí, ó sì bá ti ọmọ òun tó lọ tó sì padà dé mu. Ó tẹ "Àmín ní orúkọ Jésù," ó fi ránṣẹ́ sí Pẹ̀lúmi, ó sì fi ohùn tẹ̀ lé e: "Ọmọ mi, eléyìí, tìẹ ni. Rọra wò ó dáadáa."

Pẹ̀lúmi dáhùn kí ìyá rẹ̀ tó dé ọjà. Ọ̀rọ̀ méjì péré: "Àmín, Màámi."

Nígbà tí ó délé nírọ̀lẹ́, ọmọ kò sí nílé. Àwọn bàtà rẹ̀ kò sí. Àpò ọ̀rá dúdú tó máa ń wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó pè é, fóònù rẹ̀ ti kú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Èyímofẹ́, obìnrin tó ń ta léèsì ní ìsọ̀ tó tẹ̀ lé tirẹ̀, tí wọ́n jọ ń lọ sí ìjọ kan náà, rẹ́rìn-ín sí i.

"Màmá Pẹ̀lúmi, ẹ ò tiẹ̀ ṣe é bí àgbà! Gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín sí àwòrán àná, ẹ̀yin ń ṣe àmín. Ẹ̀yin náà mọ yẹ̀yẹ́ ṣe o!"

Títíloyè rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tó mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó gbé ọwọ́ lé ańkárá iwájú rẹ̀. Ojú ń tì í láti béèrè lọ́wọ́ ènìyàn. Ó rántí ẹ̀rọ olùrànlọ́wọ́ tí Motọ́lání fi sínú fóònù náà, èyí tó ń bá a kọ iye ọjà sílẹ̀, tó sì ń gbọ́ Yorùbá. Ó jókòó sẹ́yìn ìsọ̀, ó fi àwòrán náà sínú rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ sí i jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́:

"Kí ni ìtumọ̀ eléyìí?"

Ohùn inú fóònù náà dá a lóhùn: "Àwòrán ẹ̀fẹ̀ ni. Lókè, ọkùnrin kan ń rìnrìn àjò tòun ti ẹrù ńlá. Nísàlẹ̀, ó padà dé pẹ̀lú àpò ọ̀rá kan. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé: ẹbí ta ilẹ̀, àpò ọ̀rá ló padà wálé, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìrìn àjò. Àwọn tó lọ sókè òkun tí wọ́n padà lọ́wọ́ òfo ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, àti àwọn ẹbí tó náwó lé wọn lórí."

"Ọwọ́ àdúrà ńkọ́? Ṣé kì í ṣe àdúrà ni?"

"Kì í ṣe àdúrà. Ọwọ́ náà wà lára ẹ̀fẹ̀. Wọ́n ṣe é bí ẹni ń dúpẹ́, nígbà tó jẹ́ pé kò sí ohun tí a ó dúpẹ́ lé lórí. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín rẹ̀ wà."

Oníbàárà kan dúró níwájú ìsọ̀, ó fọwọ́ kan aṣọ, ó kọjá lọ.

"Bí ìyá bá fi ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ tó ti Líbíà dé ńkọ́?"

"Ó lè dun ọmọ náà gan-an, pàápàá bó bá rò pé ìyá òun mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Mi ò mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Bí ẹ̀yin bá ni ìyá náà, tí ẹ kò sì mọ̀, ẹ wá a, kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún un fúnra yín."

Ó ti ìsọ̀ rẹ̀ láìpé aago mẹ́wàá. Ibi búlọ́ọ̀kù ló gbà lọ. Adékọ́lá nu ọwọ́ sára ṣòkòtò nígbà tó rí i.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ṣé kò sọ fún yín ni? Ó wá gba owó iṣẹ́ rẹ̀ lánàá. Kánò ló ní òun ń lọ, láti ibẹ̀ òun á tún gba ọ̀nà aṣálẹ̀ yẹn. Mo ní, 'Pẹ̀lú, ṣé orí ẹ pé?' Ó ní ìyá òun ti sọ tẹnu ẹ̀. Ó ní òun ń lọ wá owó ilẹ̀ tí ẹ tà padà."

"Mi ò sọ nǹkan kan," ni Títíloyè wí. "Adékọ́lá, mi ò mọ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni."

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀.

Ó pe Motọ́lání lójú ọ̀nà. Ọmọ náà gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó ní, "Mummy, you no ask me?" Ó bú sẹ́kún.

Nílé, ó gbé fóònù sẹ́nu. "Pẹ̀lú, Màmá ẹ ni. Àdúrà ni mo pè é. Mi ò mọ̀ pé yẹ̀yẹ́ ni. Ilẹ̀ yẹn ò jẹ́ nǹkan kan lójú mi. Ìwọ ni mo fẹ́. Padà wálé, bó o bá tiẹ̀ máa dé lọ́wọ́ òfo." Ó fi ránṣẹ́. Àmì kan ṣoṣo ló hàn níwájú rẹ̀, tó túmọ̀ sí pé kò tíì dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà.

Ọjọ́ kẹsàn-án nìyí. Láràárọ̀, àwòrán ń wọlé láti ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ìjọ: òdòdó, oòrùn, àtẹ́lẹwọ́ méjì. Títíloyè kì í ṣe àmín sí wọn mọ́. Ohùn tó fi ránṣẹ́ ló ń wò. Àmì kan ṣoṣo ló ṣì wà níbẹ̀.