Ojúlé Mẹ́sàn-án Lórí Nọ́ńbà Méje

Inú ṣì máa ń bí mi tí mo bá rántí ilé alájà mẹ́ta tí mo gbé ní Ifákò-Ìjàyè. Ojúlé mẹ́ta ló wà ní àjà kọ̀ọ̀kan, ògiri rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ débi pé bí ará ilé kejì bá sín, o lè kí i ní pẹ̀lẹ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì rẹ. Àjà òkè ni mo wà. Onílé wa, àgbà ìjọ Aládúrà, ń gbé lábẹ́ mi gẹ́lẹ́.

Olùkọ́ ìṣirò ni mí. Ní gbogbo Sátidé, láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo máa ń kọ́ ọmọbìnrin kan tó wà ní Kánádà lórí fídíò. Ọmọ náà bẹ̀rù ìṣirò bí ẹni bẹ̀rù abẹ́rẹ́, àmọ́ ó ti ń yé e díẹ̀díẹ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Wáì-Fáì ni kò jẹ́. Kò ní pé ìṣẹ́jú mẹ́rin kó tó já. Màá ti ṣàlàyé dé àárín, ojú ọmọ á kàn dúró gbagidi, ẹnu á là sílẹ̀. Kó tó padà, ó ti gbàgbé ibi tí a dé, èmi náà ti gbàgbé. Ìyá rẹ̀ ní tó bá tún já ní Sátidé tó ń bọ̀, òun á wá olùkọ́ mìíràn.

Mo ra dátà kún dátà. Mo gbé ráútà sórí wọ́dúróòbù, mo gbé e sójú fèrèsé. Mo pe ilé-iṣẹ́ tó ń ta nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún mi, mo bá wọn jà títí ohùn mi fi há. Wọ́n ní kò sí ohun tó ṣe é lọ́dọ̀ àwọn, mo pè wọ́n ní òpùrọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo pe obìnrin kan tó ń tún nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ní Ìkẹjà. Ó dúró ní pálọ̀ mi, ó ṣí áàpù kan lórí fóònù rẹ̀. Gbogbo ráútà tó wà nítòsí hàn níbẹ̀ bí òkìtì, tiwa sì gun orí ara wọn. Ó ṣàlàyé pé inú afẹ́fẹ́ ni Wáì-Fáì ń gbà, lórí àwọn ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní ṣánẹ́ẹ̀lì, láti oókan títí dé ẹ̀tàlá. Àwọn nọ́ńbà tó bá sún mọ́ra á máa da ara wọn láàmú, bí ìgbà tí ṣọ́ọ̀ṣì méjì bá kọjú gbohùngbohùn sí ara wọn. Ó ní tí a bá lo oókan, ẹ̀fà àti mọ́kànlá, wọn ò ní kan ara wọn.

Ó wá bi mí pé, “Ta ló kó gbogbo ilé yìí sórí méje? Ilé ẹ̀gbẹ́ yín sì wà lórí mẹ́fà. Báwo ni kò ṣe ní já?”

Èmi ni.

Ní oṣù méjì sẹ́yìn, nígbà tó kọ́kọ́ ń já, mo ṣí inú ráútà mi, mo rí nọ́ńbà tí mo lè yàn. Ọmọ Aládúrà tí wọ́n fi àbẹ́là méje gbàdúrà fún láti kékeré, kí ni kí n tún yàn? Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dúró láìjá fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo bá jẹ́rìí níbi àdúrà oṣooṣù tí onílé máa ń pe gbogbo ayálégbé sí. Gbogbo wọn ṣe àmín, wọ́n ní kí n bá àwọn ṣe tiwọn. Mo wọ ojúlé dé ojúlé, mò ń tẹ méje, méje, bí ẹni ń pín omi àdúrà. Olùkọ́ ìṣirò o.

Obìnrin náà pín wa: àjà ìsàlẹ̀ sórí oókan, àárín sórí mọ́kànlá, òkè sórí mẹ́fà. Ó ní àwọn tó bá jọ wà lórí nọ́ńbà kan náà ṣì máa dúró de ara wọn, àmọ́ á sàn. Gbogbo ilé gbà, àfi onílé.

Bàbá ní, “Ìwọ lo mú mi dé orí méje, méje sì ni pípé. Mọ́kànlá ni àwọn àpọ́sítélì ṣẹ́kù sí lẹ́yìn tí Júdásì bà á jẹ́. Ibẹ̀ lo fẹ́ kó mi lọ?”

Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní àwọn ń gbàdúrà sí i. Títí di Sátidé, wọ́n ṣì wà lórí méje lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, èmi lórí mẹ́fà. Láago mẹ́rin kọjá díẹ̀, ó já. Ó tún já. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, nígbà tí àwòrán padà, ìyá ọmọ ló wà níwájú kámẹ́rà. Ó ní, “Ẹ ṣé, sà,” ó sì pa fídíò náà. Mo pariwo mọ́ ráútà bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú.

Bàbá gbọ́, wọ́n gun òkè wá. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní kí n wá tẹ mọ́kànlá fún àwọn.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, láago mẹ́rin, mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà láìsí ọmọ tí màá kọ́ mọ́. Bàbá ń wo ìsìn lórí fóònù nísàlẹ̀, mò ń gbọ́ gbogbo orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọ́n pè mí látorí àtẹ̀gùn pé, “Tíṣà, kò já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo!”

Mo dáhùn pé, “A dúpẹ́, Bàbá.”